Yíyọ “s” nìkan kò tó

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Sítọ̀ọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Iléṣà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń kọ ímeèlì sí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún wa ní Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Mátíróònù wa fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú èyí tí mo kọ kẹ́yìn. Mo yọ gbogbo ‘s’ tó wà lẹ́yìn wọn, wọ́n tún ní kò tíì dáa. Kí ló kù tí mo máa ṣe? Bí ẹ̀rọ bá sì jẹ́ mẹ́ta lóòótọ́, báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́? Ohun tí mo kọ nìyí:”

```
These informations are not complete.
Kindly send them with your feedbacks on Friday.
The 3 equipments you supplied are not working fine.
```

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló kù. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan kọ́ ló ń sọ bóyá nǹkan jẹ́ ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e ń sọ ọ́, èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ nínú gbólóhùn tó kàn náà sì ń sọ ọ́. Nígbà tí ẹ kọ “informations”, ẹ ti kọ “these”, “are” àti “them” láti bá a mu, ẹ̀yin gan-an sì lè má fura pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ wá yọ “s”, àwọn mẹ́ta yìí ṣì dúró síbẹ̀:

```
These information are not complete.
Kindly send them with your feedback on Friday.
The 3 equipment you supplied are not working fine.
```

Lójú tèmi, èyí tilẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú ti àkọ́kọ́, gbólóhùn náà bá ara rẹ̀ mu, ọ̀rọ̀ kan péré ló ṣì. Nínú èyí, ọ̀rọ̀ ń ta ko ara wọn. “Information” ń sọ pé òun kì í ṣe ọ̀pọ̀, “these” àti “are” ń sọ pé ọ̀pọ̀ ni. Ìdí nìyí tí mátíróònù fi dá a padà.

Ẹ jẹ́ ká tún gbólóhùn àkọ́kọ́ ṣe. “These” máa di “this”, “are” máa di “is”, “them” tó wà nínú gbólóhùn kejì máa di “it”. Ohun tí ẹ máa rí ni “This information is not complete. Kindly send it…” Ibi mẹ́rin lẹ ti fọwọ́ kàn nítorí “s” kan ṣoṣo. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, bí ẹ bá sì rántí pé “s” yìí kì í dá rìn, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ẹ yọ ọ́ tán, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà níwájú, kí ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe, lẹ́yìn náà kí ẹ wá “they”, “them” àti “their” nínú gbólóhùn méjì tó tẹ̀lé e. “Them” ló máa ń bọ́ lójú jù, nítorí ó lè jìnnà sí ibi tí ẹ ti tún ọ̀rọ̀ ṣe.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣáájú, ẹ ṣọ́ra fún “many”, “few”, “several” àti “number of”. Ọ̀pọ̀ nìkan ni wọ́n ń bá rìn. “We did not receive many feedbacks” máa di “We did not receive much feedback”. “Few informations” máa di “little information”. “The number of equipments” máa di “the amount of equipment”. “Much” dára nígbà tí ẹ bá ń sọ pé kò sí tàbí nígbà tí ẹ bá ń béèrè; níbi tí ẹ ti ń sọ pé ó wà, ó máa ń le létí, “We received a lot of feedback” ló máa ń dùn ún kà. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ lórí èyí tó yẹ, àwọn kan wà tó bá oríṣi méjèèjì rìn láìsí wàhálà: “the”, “your”, “some”, “any”, “all”, “more”. “All the information”, “more feedback”, “any equipment”: kò sí ẹni tó máa fa ìlà pupa sábẹ́ ìkankan nínú wọn.

Ẹ má bínú sí ara yín lórí bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ó nídìí. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í yí padà nítorí iye. Ìwé kan, ìwé mẹ́wàá, ìwé náà ni. Bí a bá fẹ́ kó hàn pé ó ju ẹyọ kan lọ, a ó fi “àwọn” síwájú, tàbí ká fi òǹkà sí i lẹ́yìn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀rọ̀-orúkọ tí kò gbà á: àwọn ìròyìn, ìmọ̀ràn mẹ́ta, irinṣẹ́ mẹ́rin. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní Lágere á sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé “ẹ fún mi lómi méjì”, oníṣọ́ọ̀bù á sì mú ọ̀rá méjì fún un láìbéèrè ohunkóhun. Láti kékeré ni wọ́n sì ti kọ́ wa pé bí Yorùbá bá ní “àwọn”, Gẹ̀ẹ́sì á fi “s” sí i. Nítorí náà, bí “àwọn irinṣẹ́” bá sọ sí yín lọ́kàn, “equipments” ni ọwọ́ máa tẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé lórí èyí tún dá kún un. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ aláìṣeékà ni orúkọ ohun tí èèyàn kò lè kà, wọ́n sì fi omi, iyanrìn àti ìyẹ̀fun ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ yẹn dára, àmọ́ kò ràn yín lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì, nítorí àwọn nǹkan tí ẹ ń kọ ímeèlì lé lórí ṣeé kà dáadáa. Àga ṣeé kà, tábìlì ṣeé kà, síbẹ̀ “furniture” kò gba “s”. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí ẹ fi ojú rí, síbẹ̀ “equipment” kò gba “s”. Ọ̀rọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pín sí méjì, kì í ṣe nǹkan. Ohun kan náà lè ní orúkọ méjì, kí ọ̀kan gba òǹkà, kí èkejì má gbà á. “Machine” ṣeé kà, “equipment” kò ṣeé kà. “Fact” àti “detail” ṣeé kà, “information” kò ṣeé kà. “Comment” ṣeé kà, “feedback” kò ṣeé kà. “Pen” àti “envelope” ṣeé kà, “stationery” tí ẹ kó gbogbo wọn sí abẹ́ rẹ̀ kò ṣeé kà.

Nítorí náà, wíwo nǹkan kò lè sọ fún yín. Ìwé atúmọ̀ èdè ló máa sọ ọ́, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àwọn ni wọ́n máa ń kọ [U] sí ẹ̀gbẹ́ aláìṣeékà àti [C] sí ẹ̀gbẹ́ aṣeékà. Bí ọ̀rọ̀ bá ní méjèèjì, ẹ ka ìtumọ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ìtumọ̀ wọn máa ń yàtọ̀. “Experience” tó jẹ́ [U] ni ìrírí tí èèyàn kó jọ lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó jẹ́ [C] ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá kọ “I have ten years experiences” sínú ìwé ìwáṣẹ́ ti mú èyí tí kò yẹ.

Àwọn Faransé ń fi “s” sí méjì nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, “informations” àti “équipements”, ibẹ̀ sì ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba àwọn ọ̀rọ̀ náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pàápàá kọ “informations” rí. Àṣà tó wà lóde báyìí ló yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ èdè kan sì ka “equipments” àti “furnitures” mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà. Mi ò bá wọn jà, bí ẹ bá ń bá ẹlẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́ ọ yín. Àmọ́ ímeèlì tó ń kúrò ní ilé ìwòsàn máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ yín rí, èyí tí wọ́n ń tẹ̀lé nínú ìwé títẹ̀ ni kí ẹ kọ ránṣẹ́.

Ó wá ku ẹ̀rọ mẹ́ta yín. “3 equipment” kò ṣeé kọ, nítorí aláìṣeékà kì í gba òǹkà ní tààrà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ fún yín ni pé kí ẹ fi “pieces of” sí i láàárín: “three pieces of equipment”. Ó tọ̀nà. “Items of equipment” náà tọ̀nà, òun ló sì máa ń bá ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù sítọ̀ọ̀ mu jù. Ẹ kàn kíyè sí i pé ara “piece” ni “s” ń lọ, òun náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe sì ń tẹ̀lé: “Three pieces of equipment were supplied.” Ẹni tó bá kọ “three pieces of equipments” ti fi “s” síbi méjì.

Àmọ́ nínú ímeèlì tí ẹ fi ń ráhùn sí ẹni tó tajà fún yín, mi ò ní gbà yín níyànjú láti dúró lórí “pieces of equipment”. Ẹ dárúkọ ẹ̀rọ. Ká ní ohun tí wọ́n kó wá ni máíkírósíkóòpù méjì àti “centrifuge” kan, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ bírí láti yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní láàbù. Ẹni tó ka “the 3 equipments are not working fine” ní Ìbàdàn kò tíì mọ ohunkóhun. Ṣé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bàjẹ́ ni, àbí ọ̀kan? Èwo ni? Ṣé iná ni kò tàn ni, àbí kò yí? Ó máa kọ̀wé padà láti béèrè, ọjọ́ á sì lọ. “Equipment” jẹ́ orúkọ tó kó gbogbo ẹ̀rọ pọ̀ sábẹ́ ara rẹ̀, ó yẹ níbi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ nípa gbogbo wọn lápapọ̀, bíi “All our laboratory equipment is serviced twice a year”. Ibi tí iye bá ti wọlé, orúkọ ẹ̀rọ gan-an ló yẹ. Bí ẹ bá sì ti kọ “two microscopes”, “s” ti ní ibi tó tọ́ láti jókòó sí, wàhálà gírámà náà ti tán.

“Set” náà wọ́pọ̀ níbí, “3 sets of equipment”. Ẹ má lò ó bí kò bá jẹ́ pé ẹrù tí wọ́n dì pọ̀ ni lóòótọ́, irú èyí tí ohun èlò mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá wà nínú páálí kan. Ẹni tó ń tajà lè ka “3 sets” sí páálí mẹ́ta, kó sì kọ owó páálí mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín.

Ti “feedback” yàtọ̀ díẹ̀, torí kì í ṣe “s” nìkan ni ìṣòro rẹ̀. “Feedback” ni ohun tí èèyàn bá sọ lórí nǹkan tó ti lò tàbí tó ti rí: aláìsàn sọ bí ìtọ́jú ṣe rí lára rẹ̀, ọ̀gá sọ ohun tó rò nípa iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Nínú ímeèlì ọ́fíìsì wa, a ti sọ ọ́ di èsì lẹ́tà lásán. Nígbà tí ẹ ní kí ẹni tó tajà fi “your feedbacks” ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, mo fura pé ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni ọjọ́ tí ẹni tó máa tún ẹ̀rọ ṣe máa wá. “Reply” ni ìyẹn, tàbí kí ẹ kúkú sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Bí ẹ bá sì ń gba èrò àwọn aláìsàn jọ, tí ẹ fẹ́ sọ iye, ẹ lọ sórí ọ̀rọ̀ tó gba òǹkà: “We received 14 comments”, “14 patients replied”. “Pieces of feedback” kì í ṣe àṣìṣe, àmọ́ “comments” máa ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́nà tó rọrùn jù. “Information” náà ní irú ọ̀nà àbáyọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò pé lórí ìwé owó wọn, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ni àbí káàdì “warranty”? Ẹ kọ ọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe lè rí nìyí, bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ló ṣẹ́kù:

```
Some of the information on your invoice is missing.
Please send us the serial numbers of the three machines.
The centrifuge does not spin, and one of the two
microscopes has no light.
Please let us know by Friday when your engineer can come.
```

“Information” wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, “is” sì tẹ̀lé e. “Equipment” àti “feedback” ti kúrò pátápátá, ẹ ò sì pàdánù ohunkóhun. “By Friday” ni mo kọ, kì í ṣe “on Friday”, torí inú yín máa dùn bí èsì bá dé ní Ọjọ́rú.

“Staff” kò sí nínú ohun tí ẹ kọ, àmọ́ ó máa wá. Gbogbo òṣìṣẹ́ lápapọ̀ ni “staff”. Ẹnì kan kì í jẹ́ “a staff”, méjì kì í jẹ́ “two staffs”. “A member of staff” ni ẹnì kan, “two members of staff” ni méjì, tàbí “two nurses” bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù: “Our staff are on duty” àti “Our staff is on duty”, ẹ máa rí méjèèjì nínú ìwé tó dára, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dúró lórí rẹ̀ títí ímeèlì náà á fi parí.

Kí ẹ má wá lọ máa lé gbogbo “s” kiri, ẹ mọ ibi tó ti tọ́. Nílé ẹjọ́ gíga, “information” ni orúkọ ìwé ẹ̀sùn ọ̀daràn tí ìjọba gbé wá, òun gba “s” torí ìwé ni, ó ṣeé kà. Bí agbẹjọ́rò ilé ìwòsàn bá kọ “the two informations”, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. “Feedback” ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ rédíò ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kó tó di ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ṣì ń kọ “feedbacks” nínú ìwé ìwádìí lórí ojú ọjọ́. Èyí tó lè kó owó lọ ni “damage”. Bí jẹnẹrétọ̀ yín bá jóná, tí ẹ ń kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ adójútòfò, ohun tó bàjẹ́ ni “damage”, láìsí “s”, bó ti wù kó pọ̀ tó: “the damage to the generator and the wiring”. “Damages” ni owó tí ilé ẹjọ́ ní kí ẹni tó ṣẹ èèyàn san. Ẹni tó bá kọ “we are claiming damages” ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, nígbà tó jẹ́ pé àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ ló ń wá.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìlà pupa kọ̀ǹpútà láti bá yín rí àwọn àṣìṣe yìí. Sípẹ́lì ló ń wò, “informations” sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé òfin, bí mo ṣe sọ. Bí ẹ bá ti kọ ímeèlì gígùn tán nínú Word, ẹ tẹ `Ctrl+F`, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ náà láìsí “s”: `information`, `feedback`, `equipment`, `staff`. Bí ẹ bá wá èyí tó ní “s” nìkan, ẹ ò ní rí “an information”, “each equipment” àti “another feedback”, nítorí kò sí “s” lára wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni àṣìṣe wọn: wọ́n sọ aláìṣeékà di ẹyọ kan tó ṣeé kà. “An information” máa di “a piece of information” tàbí “some information”, “each equipment” máa di “each machine”, “another feedback” máa di “more feedback”.

Ní ibi kọ̀ọ̀kan tó bá gbé yín dé, ẹ ka ọ̀rọ̀ méjì tó ṣáájú àti ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e. Ẹ má tẹ `Replace All` láé. Ohun tó máa ṣe kò ju ohun tí ẹ fi ọwọ́ yín ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ, ó máa yọ “s”, ó máa fi “these” àti “are” sílẹ̀, ó sì máa ṣe é níbi ogún lẹ́ẹ̀kan náà láìfihàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fáìlì tí ẹ máa ń dà kọ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ẹrù, àti ìwé Excel tí ẹ fi ń ka ẹrù sítọ̀ọ̀, kí ẹ wo orí òpó àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ “Equipments” ló wà níbẹ̀, ẹ yí i sí “Equipment”, kí ẹ sì fi orúkọ ẹ̀rọ sí òpó kan, iye rẹ̀ sí òpó kejì. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wọnú gbogbo lẹ́tà tuntun.